Páálí Méjì Tó Sọnù

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi jẹ́ òmùgọ̀ nínú èésú wa, mo sì ń gbéra ga lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Sípì lọ́jà wa. Sípì, bọ́tìnì, òwú ìránṣọ, abẹ́rẹ́, rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí ṣòkòtò ọmọdé, gbogbo ohun tí télọ̀ ò lè ṣe kó má rà ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi. Tí oníbàárà méjì bá ti dúró síbẹ̀, ẹni kẹta á máa tọrọ gáfárà. Àmọ́ igun ló wà, níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé, òun sì ni ojú gbogbo ẹni tó ń wọ ọjà máa ń kọ́kọ́ bà. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà níbẹ̀.

Àwa mẹ́wàá là ń dá èésú. Lóṣooṣù, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ogún ẹgbẹ̀rún wá, ẹnì kan á sì kó gbogbo rẹ̀, igba ẹgbẹ̀rún, lọ sílé. Tí oṣù mẹ́wàá bá fi máa pé, ó ti kárí. Ìwé la máa ń fà láti mọ ipò tí kálukú á ti kó o. Bí ẹni méjì bá sì fẹ́ pààrọ̀ ipò, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà.

Ipò kẹwàá lèmi máa ń wá kiri. Tí mo bá fa ipò kìíní, ara mi á máa yún mi títí màá fi rí ẹni gbà á. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ kó èésú ti tọrùn bọ gbèsè oṣù mẹ́sàn-án, àmọ́ ẹni tó kó o kẹ́yìn, owó ara rẹ̀ ló kó, kò jẹ ẹnikẹ́ni. Màá wá gbé àyà síwájú, màá ní, "Ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta." Àwọn èèyàn á sì ní mo gbọ́n. Kò sí ohun tó ń pa èèyàn bí ìyìn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹni tó máa ń gba ipò iwájú lọ́wọ́ wa ni ọkùnrin aláṣọ tí ògiri kan ṣoṣo pín ṣọ́ọ̀bù tèmi àti tirẹ̀ níyà. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Aláṣọ là ń pè é. Tó bá ti kẹ̀yìn, Ẹnudídùn lorúkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí lè ta aṣọ tí eku ti jẹ fún yín, kẹ́ ẹ sì tún máa dúpẹ́ pé atẹ́gùn á máa ráyè wọlé. Lọ́dún tó kọjá, mo fa ipò kìíní, òun fa ìkẹwàá. Kí n tó ká ìwé mi tán, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ìyá Sípì, owó ni owó," ó wí. "Igba ẹgbẹ̀rún tòní, igba ẹgbẹ̀rún náà ni lóṣù kẹwàá. Kò ní dín ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀, kẹ́ ẹ wá gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún yìí lé e, ẹ fi ra ọṣẹ. Ẹ ti jèrè láìṣe nǹkan kan nìyẹn."

Mo gbà á. Mo tiẹ̀ ṣàdúrà fún un.

Nígbà tí oṣù kẹwàá pé, mo kó igba ẹgbẹ̀rún mi, mo gbọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí Bàbá Òwú lọ. Bàbá Òwú ni alágbàtà tó ń ta òwú fún gbogbo àwa tó wà lọ́jà, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ èésú ni mo ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ pé ogún páálí òwú ni màá kó, nítorí pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni páálí kan. Mo ka owó fún un. Ó kà á padà. Ó wá ní kí wọ́n gbé páálí méjìdínlógún fún mi, ó sì nawọ́ ẹgbẹ̀rún méjì sí mi pé ṣéńjì mi nìyẹn.

"Bàbá, ẹ ṣì í kà," mo ní. "Páálí méjì kù."

"N ò ṣì í kà. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni páálí kan báyìí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ọmọ ọjà ni mí, kì í ṣe àlejò, pé kó má rẹ́ mi jẹ. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá fa àga kan sún mọ́ mi.

"Jókòó," ó wí. "Owó yìí, ìgbà wo lo kọ́kọ́ ní i lọ́wọ́?"

"Òní ni mo kó èésú."

"Ìwé wo lo fà níbẹ̀rẹ̀?"

Mo sọ fún un pé kìíní ni, pé mo ti pààrọ̀ rẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó wò mí bí ìgbà tí dókítà bá ń wo ọgbẹ́ tí wọ́n fi àkísà lásán dì.

"Ká ní o gbé owó yìí wá nígbà yẹn, ogún páálí lò bá gbé lọ. Kó o tó lè gbé ogún lónìí, àfi kó o mú igba ẹgbẹ̀rún ó lé ogún wá. Ogún ẹgbẹ̀rún ti jò lára owó ẹ kó o tó fọwọ́ kàn án, ìwọ wá gba márùn-ún pé o jèrè. Ìyẹn gan-an kọ́ ló pọ̀ jù. Aláṣọ yẹn, kí ló fi owó náà ṣe?"

Mo mọ ohun tó fi ṣe. Ojú mi ló ṣe é. Ó fi ra aṣọ, ó tà á, ó fi owó rẹ̀ ra òmíràn, ó tún tà á. Ó yí igba ẹgbẹ̀rún náà po lẹ́ẹ̀mẹta, èrè ń wọlé lójú mi, èmi sì jókòó ní ìkejì ògiri, mò ń ka oṣù lórí kàlẹ́ńdà bí aboyún.

"Owó tó wà lọ́wọ́ lè ṣiṣẹ́," Bàbá Òwú ní. "Èyí tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan títí á fi dé. Ìlérí ọ̀hún sì lẹ́sẹ̀, ó lè sá lọ."

Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń ta bàtà wà nínú èésú wa. Ó kó tirẹ̀ lóṣù kẹta, ó dá títí dé oṣù keje, a ò sì rí i mọ́. Gbogbo àwa tá a wà lẹ́yìn la kó owó tó dín. Àwọn tó wà níwájú ti ná tiwọn tipẹ́, wọ́n kàn ń bá wa kẹ́dùn ni. Síbẹ̀, n ò kọ́gbọ́n. Mo ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Mo gbé páálí méjìdínlógún mi sílé. Ojú tì mí débi pé n kò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, onílé mi wọlé tọ̀ mí wá. Awakọ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ní, òun àti ṣọ́ọ̀bù yìí ló fi ń gbọ́ bùkátà. Epo ọkọ̀ bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì jókòó.

"Ìyá Sípì, ẹ́ńjìnnì mi ti kú," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Mo fẹ́ owó, àpapọ̀ ni mo sì fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lẹ̀ ń san lóṣù. Ọdún méjì ẹ̀ jẹ́ igba ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá gbé àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún fún mi kó tó di ọ̀sán Sátidé, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí fún ọdún méjì. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún torí pé ẹ kì í jẹ mí lówó. Àmọ́ n ò ní purọ́ fún yín, aláṣọ ẹ̀gbẹ́ yín ti ń béèrè ẹ̀. Ó fẹ́ wó ògiri yìí, kó sọ méjèèjì di ọ̀kan."

Mo bi í bó ṣe máa ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rin nù bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. "N ò jù ú nù, ìyá. Tí ọkọ̀ bá gbéra lọ́jọ́ Ajé, kó tó ju oṣù méjì lọ á ti pa á padà. Tí mo bá ní kí n máa gba mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lọ́wọ́ yín, ìgbà tí n máa fi rí owó ẹ́ńjìnnì, táyà náà á ti jẹrà."

Nígbà tó lọ, mo dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Bàbá Òwú sọ nípa òwú, onílé ti sọ ọ́ nípa ẹ́ńjìnnì. Ó dà bíi pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, tí wọ́n kàn gbàgbé láti pè mí síbẹ̀.

Ogójì ẹgbẹ̀rún péré ló wà lọ́wọ́ mi, ogún nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti èésú tuntun tó máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Owó mi tó kù ti di òwú, ó tò lórí pẹpẹ, òwú kì í sì í tà tán láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá Òwú kì í gba ọjà padà. Tí mo bá pàdánù igun yìí, ẹ̀yìn ọjà ló kù fún mi, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, níbi tí télọ̀ kankan kì í dé. Ìpèsè ilé mi, owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi, orí igun yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn ni kí n kó èésú lọ́jọ́ Ẹtì.

Lọ́jọ́bọ̀, Ẹnudídùn wọlé pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ. Kò kí mi dáadáa. Ó na téèpù sára ògiri mi, ó wọn ìbú, ó wọn òró, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá.

"Ọ̀gá Aláṣọ, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún ògiri mi ni?"

"Ìyá Sípì, ẹ má bínú," ó fi ohùn oyin sọ ọ́. "Ìwọ̀n lásán ni. Owó mi wọnú ọjà tuntun ni o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ò bá ti sanwó tán. Lọ́la màá kó èésú, lọ́túnla màá san án. Màá bá yín wá àyè lẹ́yìn ọjà, mo mọ ẹni tó wà níbẹ̀."

"Ẹ ò tíì fa ìwé, ẹ ti mọ̀ pé ẹ máa kó o?"

"Ẹni yòówù kó fa kìíní, ṣé a ò ní rí i bá sọ̀rọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ká téèpù náà sórí káńtà mi. "Ẹ jẹ́ kó wà níbí. Ọjọ́ Àìkú náà ni màá tún lò ó."

Mo wo téèpù yẹn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ìbínú tó gbé mi dìde lọ́jọ́ kejì, àlùbáríkà ni.

Ṣọ́ọ̀bù Alága la ti máa ń pàdé. Obìnrin tó ń ta gílóòbù ni Alága wa, iná sì máa ń pọ̀ lórí wa níbẹ̀ débi pé èèyàn ò lè fi ojú pa irọ́. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa ti dá owó wa, igba ẹgbẹ̀rún wà nínú àpò aṣọ lórí tábìlì. Wọ́n gbé agolo tí ìwé wà nínú rẹ̀ yíká. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo tú u. Mẹ́wàá.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ìyá Sípì, ipò yín ti délé o!" Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n jó. Mo ká ìwé náà mọ́ ọwọ́, mo ń wá ẹni tó fa kìíní.

Ẹnudídùn fa kẹsàn-án. Ẹni tó fa kìíní ni Bàbá Abọ́, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló fi ń dá èèyàn lóhùn. Ó yí ìwé náà sọ́tùn-ún sósì.

"Kí ni n fẹ́ fi ṣe báyìí?" ó ní. "Ọjà kún ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin ni mo fẹ́ fi owó yìí ṣe, ó sì di ọdún tó ń bọ̀."

Ẹnudídùn ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. "Bàbá Abọ́, owó ni owó! Igba tòní, igba náà ni nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀, kẹ́ ẹ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lé e. Ọ̀fẹ́ ni."

Bàbá Abọ́ ti fẹ́ nawọ́ gbà á. Mo dìde.

"Bàbá Abọ́, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kẹ́ ẹ tó gbà á. Ìkòkò ńlá yín yẹn, èló lẹ̀ ń rà á lọ́dún tó kọjá?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti irínwó."

"Tí igba ẹgbẹ̀rún bá wà lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá, ìkòkò mélòó?"

Ó ka ìka. "Àádọ́ta."

"Lónìí?"

Ó tún un kà. "Márùndínláàádọ́ta."

"Igba kan náà ni o. Ìkòkò márùn-ún dà?"

Mo wá sọ tèmi fún wọn, láìfi ohunkóhun bò: páálí méjì tó sọnù, ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo fi ra ọṣẹ, àti ẹni tó jẹ èrè owó mi fún oṣù mẹ́sàn-án. Mo sọ ti onílé mi àti àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

"Mo fẹ́ ipò yín, Bàbá Abọ́," mo ní, "mi ò sì ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti máa dúró dìgbà tó kẹ́yìn, iye tó máa dé ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ju igba lọ kó tó lè bá tòní dọ́gba. Màá fún yín ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lónìí, látinú àpò yìí. Ogún á dí ihò tí ọ̀wọ́n ọjà á gbẹ́ sí i. Mẹ́wàá tó kù, owó iṣẹ́ tí owó yín á bá mi ṣe ni, àti ti ewu pé ẹ̀ ń dúró dè wá. Tí oṣù kẹwàá bá pé, ẹ kó igba yín."

"Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún!" Ẹnudídùn pariwo. "Ìyá Sípì, orí yín ti dàrú ni? Ẹ máa san ọgbọ̀n nítorí iye kan náà?"

Mo ti ṣe ìṣírò náà lẹ́yìn páálí òwú títí ó fi dá mi lójú. Tí mo bá yọ ọgbọ̀n, àádọ́sàn-án á kù. Tí onílé bá gba àádọ́jọ, ogún á kù lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínláàádọ́rin tí onílé dín kù fún mi ju ìlọ́po méjì ọgbọ̀n lọ, mi ò sì ní san owó ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́rìnlélógún. Nínú mẹ́sàn-án tí mo máa ń san lóṣù yẹn ni màá ti rí apá kan ogún èésú mi. Orí mi ò dàrú rárá.

Bàbá Abọ́ yíjú sí Ẹnudídùn. "Ọ̀gá Aláṣọ, ṣé ẹ̀ ń fi kún un?"

Ọkùnrin náà lanu. Mo mọ̀ pé ó lè san án. Mo mọ̀ pé ó lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni Alága fi ọwọ́ lé tábìlì.

"Ẹ rọra dáhùn o," Alága ní. "Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lẹ fún mi lórí ipò kejì. Ẹ ní owó ni owó."

"Mẹ́ta lẹ fún èmi," obìnrin tó ń ta dígí ní. "Ipò kìíní ni tèmi."

"Èmi, ẹ ò fún mi ní nǹkan kan," ẹni tó ń ta àbẹ́là ní. "Ẹ ní ẹ máa rántí mi nínú àdúrà."

Ẹ̀rín bú. Alága ò rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ pé owó ni owó lóòótọ́, ẹ ò ní fi kún ọgbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá sì fi kún un, a jẹ́ pé ẹ ti mọ iye tó tọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ jókòó ká jọ ṣírò ti ọdún mẹ́fà."

Ẹnudídùn wo Alága, ó wo onídígí, ó wo alábẹ́là, ó sì wo àpò tó wà lórí tábìlì. Ẹnu tó fi ń kó wa lówó lọ ló wá mú un yẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Owó ni owó," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì jókòó.

Bàbá Abọ́ fi ìwé kìíní lé mi lọ́wọ́. Mo ka ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún fún un lójú gbogbo wọn, ó kà á padà, ó sì kí mi bí ẹni kí ìyàwó tuntun. Ọjọ́ náà la fẹnu kò pé gbangba la ó ti máa dá owó lé ipò láti ìgbà náà lọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sọ iye rẹ̀ létí gbogbo ayé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, àmọ́ mo ní nǹkan kan láti ṣe ná.

Mo dé ilé onílé mi kí oòrùn tó wọ̀. Ó ka àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí kò lè lọ, ó buwọ́ lu ìwé ọdún méjì fún mi, ó sì sáré pe mẹkáníìkì kí inú mi tó dùn tán. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí mo délé, páálí méjì àti gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú, mo sì jẹ́ kó rín in.

Láàárọ̀ Sátidé, mo fi ìṣó kan ìwé náà mọ́ ògiri, níbi tí Ẹnudídùn ti wọn ìbú. Mo mú téèpù rẹ̀ lórí káńtà, mo sì gbé e lọ bá a. Ó ń na aṣọ fún oníbàárà kan, kò gbójú sókè.

"Ọ̀gá Aláṣọ," mo ní, "téèpù yín rèé. Mo rí i pé ẹ̀ ń fi apá wọn aṣọ."

Ó gbà á. Ó dúpẹ́ bí ẹni tí ò fẹ́. Ó wá ní òun fẹ́ òwú dúdú páálí kan fún télọ̀ òun, pé òun á san ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá tó bá di oṣù méjì sí i, pé ẹ wò ó, ó ju méjìlá tí mò ń tà á lọ.

"Méjìlá," mo ní, mo sì na ọwọ́ sí i. "Báyìí."